Kíkọ Àpèjúwe fún Fídíò Ìmọ̀ràn lórí Íńtáfíù: Àyẹ̀wò Àpẹẹrẹ Kan

Ìfáárà

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí kéré lójú. Òun ni àwọn ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí a máa ń kọ sí abẹ́ fídíò kan lórí YouTube láti fi sọ ohun tó wà nínú fídíò náà. Àpèjúwe ni n ó máa pè é. Fídíò tí mo mú ṣe àpẹẹrẹ jẹ́ èyí tí a ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́-jáde tuntun lórí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fún iṣẹ́, èyí tí gbogbo wa ń pè ní íńtáfíù. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ Yorùbá mọ bí a ti ń tú oríkì, àlọ́ àti ìròyìn palẹ̀, ṣùgbọ́n a kì í sábà wo irú àkọsílẹ̀ kékeré yìí bí ẹni pé ó ní ìlànà tirẹ̀. Ó ní ìlànà. Bí a kò bá sì tẹ̀ lé e, ìmọ̀ràn tó dára lè wà nínú fídíò kí ẹni tó nílò rẹ̀ má sì rí i.

N kò ní sọ̀rọ̀ lórí gbogbo irú fídíò. Ọ̀kan ṣoṣo ni n ó tọ́ka sí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa mẹ́ta ni wọ́n ṣe é, èmi ni wọ́n sì ní kí n kọ àpèjúwe rẹ̀. Ìṣẹ́jú 14 àti ìṣẹ́jú-àáyá 20 ni gígùn rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ṣe bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè nínú ìmọ̀ Yorùbá, tó sì ń wá iṣẹ́ atúmọ̀ ìròyìn ní ilé-iṣẹ́ rédíò. Àwọn méjì yòókù ṣe bí àgbà ilé-iṣẹ́ tó ń bi í ní ìbéèrè.

Ta ni yóò ka àpèjúwe náà?

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí olùkọ̀wé gbọ́dọ̀ dáhùn nìyí. Ẹni tó ń ka àpèjúwe fídíò kò tíì wo fídíò náà, tàbí kó jẹ́ pé ó ti ń wò ó, tó sì ń wá ibì kan pàtó nínú rẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, kì í ṣe àkópọ̀ ìtàn ni ó fẹ́ kà. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni pé: ṣé tèmi ni fídíò yìí? Kí ni mo máa rí níbẹ̀? Ibo ni ohun tí mo ń wá wà?

Ẹ jẹ́ ká wá wo irú ẹni tí akẹ́kọ̀ọ́-jáde tuntun jẹ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àgùnbánirọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń parí iṣẹ́ ìsìnlú rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹni tí wọ́n pè lórí fóònù ní àná pé kí ó wá ní ọ̀la. Owó ni ó fi ń ra dátà, fídíò ìṣẹ́jú 14 sì ń jẹ dátà. Àpèjúwe tó dára yóò jẹ́ kí ó mọ̀ kó tó náwó bóyá fídíò náà yóò wúlò fún un. Bí kò bá sì ní àyè láti wo gbogbo rẹ̀, àpèjúwe yóò fi ìṣẹ́jú tó yẹ kó lọ hàn án.

Bí a kò ṣe gbọdọ̀ kọ ọ́

Ká ní ẹnì kan kọ àpèjúwe fídíò yìí báyìí:

Ẹ káàbọ̀ sí orí ìkànnì wa! Nínú fídíò alárinrin yìí, ẹ ó kọ́ àwọn àṣírí tí kò ní jẹ́ kí ẹ kùnà nínú íńtáfíù kankan mọ́. Ẹ wò ó títí dé òpin, iṣẹ́ yóò bọ́ sí yín lọ́wọ́. Ẹ má gbàgbé láti fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ yín.

Gírámà rẹ̀ kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Gbólóhùn àkọ́kọ́ jẹ́ ìkíni, kò sọ ohunkóhun nípa fídíò náà. Gbólóhùn kejì sọ pé 'àṣírí' wà, kò sì sọ irú àṣírí tó jẹ́. Ẹ̀kẹta ṣe ìlérí tí ẹnikẹ́ni kò lè mú ṣẹ, nítorí kì í ṣe ẹni tó ṣe fídíò ni yóò gbani síṣẹ́. Bí a bá yọ ọ̀rọ̀ náà 'íńtáfíù' kúrò, tí a fi 'ìdánwò awakọ̀' sí ipò rẹ̀, kò sí ohun tí yóò bàjẹ́ nínú rẹ̀. Ọ̀nà tí mo fi ń dán àpèjúwe wò nìyí: bí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ bá lè ṣiṣẹ́ fún fídíò mìíràn, a kò tíì ṣàpèjúwe.

Àléébù kan ṣì wà níbẹ̀ tó ju ti èdè lọ. 'Iṣẹ́ yóò bọ́ sí yín lọ́wọ́' gan-an ni èdè àwọn gbájúẹ̀ tó ń fi iṣẹ́ tí kò sí lu àwọn akẹ́kọ̀ọ́-jáde ní jìbìtì. Wọn yóò ṣèlérí iṣẹ́, wọn yóò sì béèrè owó fọ́ọ̀mù. Bí àpèjúwe wa bá fi ohùn kan náà sọ̀rọ̀, báwo ni òǹkàwé yóò ṣe mọ̀ wá yàtọ̀? YouTube pàápàá ní òfin tó kọ àkọlé àti àpèjúwe tó ń tan òǹwòran jẹ, ó sì lè yọ irú fídíò bẹ́ẹ̀ kúrò.

Ohun tó wà nínú fídíò náà

A kò lè ṣàpèjúwe ohun tí a kò wò fínnífínní. Nítorí náà, mo wo fídíò náà lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú ìwé àti bírò, mo sì ń kọ ìṣẹ́jú tí kókó ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí mo rí nìyí.

Ìbẹ̀rẹ̀ fídíò dá lórí ìwé tí olùwáṣẹ́ mú lọ́wọ́. Ìwé-ẹ̀rí ìparí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ ṣe pàtàkì níbẹ̀, nítorí òfin fún àwọn agbanisíṣẹ́ láṣẹ láti béèrè rẹ̀. Ẹni tó ti ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ nígbà tó gboyè kì í ṣe ìsìnlú. Ìwé ìyọ̀ǹda ni òun yóò mú lọ. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ kíkí. Olùwáṣẹ́ tẹrí ba díẹ̀, ó kí àwọn tó jókòó, ó sì dúró títí wọ́n fi ní kí ó jókòó. Ó wo ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ wa ni wọ́n kọ́ nílé pé ọmọdé kì í wo àgbà lójú, ṣùgbọ́n àwọn tó ń fọ̀rọ̀ wáni lẹ́nu wò lè ka ojú wíwò nílẹ̀ sí ìbẹ̀rù tàbí irọ́.

Àárín fídíò ni ọkàn rẹ̀ wà. Wọ́n ní kí olùwáṣẹ́ sọ nípa ara rẹ̀. Kò bẹ̀rẹ̀ láti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó sọ ohun tó ń ṣe lọ́wọ́, ó sọ ohun tó ti ṣe tó bá iṣẹ́ náà mu, ó sì sọ ìdí tó fi wá sọ́dọ̀ wọn. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú kan àbọ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ni ọ̀kan nínú àwọn àgbà bi í ní ìbéèrè tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka wa mọ̀: 'Yorùbá tí gbogbo wa ń sọ nílé náà ni o lọ fi ọdún mẹ́rin kọ́? Kí lo lè fi ṣe fún wa?'

Olùwáṣẹ́ kò bínú, kò sì sọ̀rọ̀ nípa iyì èdè abínibí. Ó fi iṣẹ́ kan tó ṣe dáhùn. Ìdáhùn rẹ̀ ní ẹsẹ̀ mẹ́rin: ipò tí ọ̀rọ̀ wà, ojúṣe tí wọ́n fún un, ìgbésẹ̀ tó gbé, àti àbájáde. Ó ní:

'Ní ọdún tí mo lò kẹ́yìn, mo ṣe iṣẹ́ àpilẹ̀kọ lórí èdè ìnájà ní ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn. Ojúṣe mi ni láti gba ohùn àwọn oníṣòwò 20 sílẹ̀. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹni méjì péré ló gbà, nítorí wọ́n rò pé agbowó-orí ni mo jẹ́. Mo lọ bá ìyálọ́jà, mo fi ìwé ẹ̀ka wa hàn wọ́n, wọ́n sì mú mi yí ìsọ̀ ká. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo gba ohùn ènìyàn 17 sílẹ̀, wákàtí mẹ́fà lápapọ̀, mo sì tẹ gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn. Bí ẹ bá fún mi ní ìròyìn, mo lè tú u, mo sì lè kọ ọ́ kí akàròyìn má bàa ṣì í kà.'

Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sọ pé òun rí ogún ènìyàn. Ó ní 17. Nọ́ńbà tí kò pé yìí jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣeé gbà gbọ́. Ẹ ṣàkíyèsí arọ́pò-orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú. Yorùbá tó mọ̀wà hù a máa sọ pé 'a gbìyànjú' fún iṣẹ́ tí òun nìkan ṣe, kí ó má bàa dà bí afọ́nnu. Níwájú àwọn tó ń wá òṣìṣẹ́, 'a' yìí ń ṣe ìpalára, nítorí wọn kò ní mọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ ṣe. 'Mo' ni ó lò fún iṣẹ́ tirẹ̀, ó sì lo 'wọ́n' fún ìrànlọ́wọ́ ìyálọ́jà. Kò fọ́nnu, kò sì fi ara pamọ́.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n fún un ní ìròyìn kúkúrú lédè Gẹ̀ẹ́sì pé kí ó tú u, kí ó sì kà á sókè. Ó túmọ̀ rẹ̀ tán kó tó kà á. Ó kọ́kọ́ kà á jẹ́ẹ́jẹ́ fún ara rẹ̀, ó sì fi àmì ohùn sórí àwọn orúkọ tí kò mọ̀ dáadáa. Ìparí fídíò dá lórí owó oṣù. Ìyàtọ̀ kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Nínú iṣẹ́ ìjọba, ìpele 08 ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè àkọ́kọ́ sábà máa ń wọlé sí, owó ìpele náà sì ti wà nílẹ̀, kò sí ìdúnàádúrà níbẹ̀. Ní ilé-iṣẹ́ aládàáni, wọ́n lè béèrè iye tí ènìyàn ń fẹ́, ó sì dára kí ó ti wádìí kó tó dé ibẹ̀, kí ó fi iye méjì dáhùn, èyí tó kéré jù àti èyí tó pọ̀ jù.

Àpèjúwe náà

Lẹ́yìn tí mo ti ní gbogbo èyí lórí ìwé, àpèjúwe tí mo kọ nìyí:

O gboyè nínú ìmọ̀ Yorùbá, wọ́n sì pè ọ́ fún íńtáfíù ní ilé-iṣẹ́ rédíò? Wo bí olùwáṣẹ́ kan ṣe dáhùn ìbéèrè mẹ́rin, títí kan 'Kí lo lè fi Yorùbá ṣe fún wa?'

Eré ni íńtáfíù yìí. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ la ṣe é. Iṣẹ́ atúmọ̀ ìròyìn ni olùwáṣẹ́ ń wá. Púpọ̀ nínú ìmọ̀ràn inú rẹ̀ wúlò fún iṣẹ́ mìíràn, àfi ìdánwò ìtumọ̀ àti ti ohùn.

0:00 Ìwé tó yẹ kí o mú lọ́wọ́
1:40 Wíwọlé àti kíkí àwọn tó jókòó
3:05 'Sọ fún wa nípa ara rẹ'
6:10 'Kí lo lè fi Yorùbá ṣe fún wa?'
9:20 Ìdánwò ìtumọ̀ àti ìdánwò ohùn
12:00 'Èló ni o fẹ́ gbà lóṣù?'
13:30 Ìbéèrè tí ìwọ náà lè bi wọ́n

Bí íńtáfíù rẹ bá jẹ́ ọ̀la, bẹ̀rẹ̀ láti 3:05 sí 9:20.

A kò gbani síṣẹ́, a kò sì gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá lo orúkọ wa láti béèrè owó fọ́ọ̀mù tàbí owó íńtáfíù, gbájúẹ̀ ni.

Àlàyé lórí ohun tí mo ṣe

Mo fẹ́ ṣàlàyé ohun mẹ́rin nínú àpèjúwe yìí, nítorí wọ́n kan ẹ̀kọ́ wa.

Èkínní ni ìlà ìbẹ̀rẹ̀. YouTube fún wa ní àyè lẹ́tà àti àmì 5,000 fún àpèjúwe, ṣùgbọ́n ìlà díẹ̀ àkọ́kọ́ nìkan ni ó ń hàn kí òǹkàwé tó tẹ ibi tí yóò ti rí ìyókù. Ọ̀pọ̀ kò ní tẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, ohun tó ṣe pàtàkì jù gbọ́dọ̀ wà ní gbólóhùn méjì àkọ́kọ́: ẹni tí fídíò wà fún, irú iṣẹ́ tó jẹ́, àti ìbéèrè tó ń dùn ún lọ́kàn. Ìkíni 'ẹ káàbọ̀' dára lẹ́nu ọ̀nà ilé, ṣùgbọ́n níbí, àyè tó gbà ni a fi ń sọ ìdí tí àlejò fi yẹ kó wọlé.

Èkejì ni àwọn àkókò tí mo tò. Bí a bá tò wọ́n bó ti yẹ, YouTube yóò pín fídíò sí orí-orí bí orí ìwé, òǹwòran yóò sì lè tẹ èyí tó wù ú. Òfin rẹ̀ kò pọ̀. Àkókò àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ 0:00. Wọ́n gbọ́dọ̀ tó mẹ́ta ó kéré tán, kí wọ́n tẹ̀ léra láti kékeré dé ńlá, kí orí kọ̀ọ̀kan sì tó ìṣẹ́jú-àáyá 10. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti 1:40 nítorí pé ó rò pé ìbẹ̀rẹ̀ fídíò kò ṣe pàtàkì kò ní rí orí kankan. A lè mọ̀ nípa wíwo ìlà tó ń sún lábẹ́ fídíò: bí kò bá ní àlàfo kéékèèké nínú, ìpín kò ṣẹlẹ̀. Ní ti orúkọ orí, mo lo ìbéèrè gan-an bí àwọn àgbà ṣe béèrè rẹ̀. N kò kọ 'Ìbéèrè kẹta', nítorí ẹni tó ń wá ìdáhùn kò mọ ìbéèrè náà sí ẹ̀kẹta.

Ẹ̀kẹta ni arọ́pò-orúkọ. Àwọn kan nínú wa sọ pé 'ẹ' ló yẹ kí n lò, torí pé a kò mọ ọjọ́ orí òǹkàwé. Àríyànjiyàn yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, nítorí 'o' sí ẹni tó juni lọ jẹ́ ìwà àìtọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí fídíò yìí wà fún jẹ́ ẹgbẹ́ wa, òun nìkan ni yóò sì jókòó níwájú àwọn tó ń bi í ní ìbéèrè. 'Ẹ' lè jẹ́ ti ọ̀wọ̀, ó sì lè jẹ́ ti ọ̀pọ̀. Bí òǹkàwé bá kà á sí ọ̀pọ̀, yóò rò pé àwùjọ ni a ń bá wí. Nínú fídíò tí a bá ṣe fún àwọn tó ti ń ṣiṣẹ́ tipẹ́, 'ẹ' ni n ó lò. Ọ̀rọ̀ ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ ni, kì í ṣe òfin kan tó bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni àmì ohùn. Mo fi àmì sórí gbogbo ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ohun méjì wà tó yẹ kí a mọ̀. Àkọ́kọ́, kọ̀ǹpútà kì í ka lẹ́tà bí àwa ṣe ń kà á. Lójú wa, 'iṣẹ́' jẹ́ lẹ́tà mẹ́ta. Fún kọ̀ǹpútà, àmì òkè orí 'ẹ́' dá dúró, nítorí kò sí lẹ́tà kan ṣoṣo tó ní àmì ìsàlẹ̀ àti ti òkè papọ̀ fún un. Nípa bẹ́ẹ̀, 'iṣẹ́' di mẹ́rin. Bí bọ́tìnnì tí a fi tẹ̀ ẹ́ bá tún ya àmì ìsàlẹ̀ sọ́tọ̀, ó di mẹ́fà. Àkọlé fídíò kò gbọdọ̀ ju 100 lọ, nítorí náà àkọlé Yorùbá tó kún fún àmì lè kọjá ààlà nígbà tó ṣì kúrú lójú wa. Ó yẹ kí a kọ àkọlé kúkúrú.

Èkejì nínú ọ̀rọ̀ àmì ni pé, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fi àmì sí ohun tí wọ́n bá ń wá. Wọn yóò tẹ 'ise', wọ́n sì lè má tilẹ̀ tẹ Yorùbá rárá, kí wọ́n tẹ job interview. Ìdí nìyí tí mo fi lo 'íńtáfíù' dípò 'ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò' nínú àpèjúwe. Ọ̀rọ̀ kejì yìí dára fún ìwé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n ó gùn, n kò sì tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ nígbà tó ń sáré lọ síbi iṣẹ́. Fún ọ̀rọ̀ àwárí, mo fi àmì # sí ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré, mo sì kọ wọ́n láìní àmì ohùn, sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Kò yẹ kí a kó wọn jọ rẹpẹtẹ. Bí wọ́n bá ju 60 lọ, YouTube kò ní ka ọ̀kankan sí.

Bí a ṣe lè mọ̀ pé àpèjúwe kùnà

Kí a tó gbé fídíò jáde, ìdánwò kan wà tó rọrùn. Mo fún akẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́dún kẹta kan tí kò tíì rí fídíò náà ní àpèjúwe nìkan. Mo ní kí ó sọ ohun tó rò pé òun yóò rí níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wo fídíò. Ó dárúkọ gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ àyàfi ọ̀kan: ó rò pé àgbà ilé-iṣẹ́ rédíò gidi ni yóò sọ̀rọ̀. Nínú ẹ̀dà tó kà, gbólóhùn 'eré ni íńtáfíù yìí' wà ní ìsàlẹ̀ lẹ́yìn àwọn àkókò. Mo gbé e wá sókè, sí ibi tó wà nísinsin yìí. Ìyípadà kékeré ni, ṣùgbọ́n ó kan òtítọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ni wá. Bí òǹwòran bá gbà pé agbanisíṣẹ́ ló ń sọ̀rọ̀, yóò fún ìmọ̀ràn wa ní agbára tí kò ní.

Lẹ́yìn tí fídíò bá ti jáde, ẹni tó ni ìkànnì lè rí ìlà kan tó ń fi hàn ibi tí àwọn òǹwòran ti ń fi fídíò sílẹ̀. Bí ọ̀pọ̀ bá lọ ní ààbọ̀ ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àkọlé tàbí àpèjúwe ṣèlérí ohun tí wọn kò rí. Bí ìlà náà bá ròkè ní ibì kan, bí i 6:10, ó fi hàn pé wọ́n ń fò lọ síbẹ̀, tàbí pé wọ́n ń padà wò ó. Kò yẹ kí a ka fífò yìí sí àìdára. Ìdí tí a fi tò àwọn àkókò náà nìyẹn.

Ààlà sì wà fún ohun tí àpèjúwe lè ṣe. Kò lè tún fídíò tí ohùn rẹ̀ kò já gaara ṣe, kò sì lè mú kí ìmọ̀ràn àtijọ́ di tuntun. Ọ̀rọ̀ owó oṣù àti ti ìwé tí wọ́n ń béèrè lè yí padà. Nítorí náà, mo kọ oṣù àti ọdún tí a ṣe fídíò náà sí ìlà tó kẹ́yìn, mo sì sọ fún àwọn tí yóò gba ipò lọ́wọ́ wa pé kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò ní ọdọọdún. Àpèjúwe ṣeé tún kọ nígbàkígbà láìfọwọ́ kan fídíò.

Ìgúnlẹ̀

Ohun tí àyẹ̀wò yìí fi hàn ni pé iṣẹ́ kan náà ni olùwáṣẹ́ inú fídíò àti ẹni tó kọ àpèjúwe ń ṣe. Wọ́n bi olùwáṣẹ́ pé kí ni ó lè ṣe, ó sì sọ ohun tó ti ṣe, pẹ̀lú iye rẹ̀, láìfi kún un. Òǹkàwé ń bi àpèjúwe pé kí ló wà nínú rẹ, àpèjúwe náà sì gbọ́dọ̀ sọ ohun tó wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìṣẹ́jú rẹ̀, láìfi kún un. Nínú méjèèjì, ọ̀rọ̀ tó bá lè bá ibi gbogbo mu kò bá ibì kankan mu. Ní ti ìbéèrè àgbà yẹn, èyí tó béèrè ohun tí a lè fi Yorùbá ṣe, mo rò pé ẹni tó bá lè pinnu láàárín 'o' àti 'ẹ', láàárín 'mo' àti 'a', tó sì lè sọ ìdí rẹ̀, ti ní apá kan ìdáhùn lọ́wọ́.